Ibi Ọmọ Tó Ṣẹ́kù Sínú Ló Dí Ọmú Mi

Ìdájí Ọjọ́rú ni mo bí ọmọ mi kejì. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò fún mi ní wàhálà, ibi ọmọ ló yọ wá lẹ́nu. Ó pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, ó já sí wẹ́wẹ́. Nọ́ọ̀sì kó o sínú abọ́, ó ní ó ti tán. Ó ti rẹ̀ mí, n kò béèrè nǹkan kan.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí, ọjọ́ kẹta ni ọmú mi kún tó le, tó ń ro aṣọ mi tutù. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ọjọ́ kẹrin pé, ọmú mi ṣì rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé n kò bímọ. Ìyá ọkọ mi ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń se ọbẹ̀ ẹja. Mo ń mu, mo ń jẹ, mo ń yó, ọmú kò dáhùn. Nígbà tó sú màmá, wọ́n rọra bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé o ò bá ẹnikẹ́ni jà kó o tó bímọ?"

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Dókítà tó là mí lọ́yẹ lẹ́yìn náà sọ pé ọmú kì í dúró de ọjọ́ ìbímọ kó tó múra. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún ló ti ń ṣe omi àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó ki, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. (Àwọn kan ń fún un dànù pé ó ti bàjẹ́. Oúnjẹ ọmọ ni.) Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń tú họ́mónù purolákitìnì sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń pàṣẹ kí ọmú ṣe omi. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́sàn-án, purolákitìnì ti lé ní ìlọ́po mẹ́wàá iye tó wà kí obìnrin tó lóyún.

Kí ló wá dé tí ọmú aláboyún kò fi ń ṣàn? Ibi ọmọ ló dì í mú. Láti nǹkan bí oṣù kẹta oyún, ibi ọmọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mónù mìíràn tí wọ́n ń pè ní purojẹ́sítẹ́rónù. Họ́mónù yìí ń mú kí ọmú dàgbà, àmọ́ òun náà ló ń sọ fún un pé kó má tíì tú omi. Bí ibi ọmọ bá ti jáde tán, purojẹ́sítẹ́rónù á já wálẹ̀ kíákíá, purolákitìnì á sì rí àyè ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi ọmú fi sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Bí ègé ibi ọmọ kan bá kù sínú, ó lè máa ṣe purojẹ́sítẹ́rónù rẹ̀ lọ, ara ò sì ní mọ̀ pé obìnrin ti bímọ tán.

Ara mi ti ń sọ̀rọ̀, èmi ni n kò gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa dín kù ń rin páàdì gbingbin láàárín wákàtí kan, ó ń rùn, ikùn sì ń dùn mí. Ọmọ ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́ ní ọjọ́ kẹrin, ìtọ̀ náà sì pọ́n bí bíríkì. Kìlógíráàmù 3.2 ni wọ́n wọ̀n nígbà tí mo bí i. Nígbà tí a gbé e padà lọ́jọ́ Ajé, ó ti di 2.8. Gbogbo ìkókó ló máa ń fọn díẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ẹ̀rọ ayàwòrán inú fi ègé ibi ọmọ kan hàn nínú ilé ọmọ. Wọ́n fọ inú mi lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Dókítà ní kí n máa gbé ọmọ sí ọmú ní wákàtí méjì-méjì, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, nítorí ọmú tí ọmọ ń mu ló ń jí purolákitìnì dìde. Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń fi ife kékeré fún un ní wàrà agolo. Ìdájí Ọjọ́rú, mo jí, àyà mi tutù rin. Mo pe màmá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ẹ̀kọ ti ṣiṣẹ́. N kò bá wọn jiyàn.

Kì í ṣe gbogbo omi ọmú tó pẹ́ ló jẹ́ ti ibi ọmọ o. Iṣẹ́ abẹ, ìrọbí tó gùn àti àtọ̀gbẹ náà lè fà á sẹ́yìn. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gidigidi nígbà ìbímọ tún lè ní ìpalára níbi ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ yẹn, tí omi ọmú ò sì ní dé rárá. Ṣùgbọ́n bí ọmú bá ṣì rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tàbí tó ń rùn, tàbí tí ibà wà níbẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀kọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ibi ọmọ ṣe jáde.

Nígbà tí mo bí ẹ̀kẹta, kí n tó béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ̀bí, mo ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ibi ọmọ wá kí n rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ́ ẹ sínú abọ́ lábẹ́ iná, wọ́n fi ọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, wọ́n to àwọn ègé rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń to àkúfọ́ àwo. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.