Hóró Sóódà Tó Ń Sanra Lórí Òṣùwọ̀n

Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọn kọ́sítíìkì sóódà (NaOH) ní láábù, ẹ̀bá òṣùwọ̀n ni kí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín lọ dúró sí. Ìwé ní gíráàmù 4 fún lítà kan, kó lè jẹ́ 0.1 M. Akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé 4.000 gangan ni, ó sì tẹ́ bébà. Ó da hóró sí i: 3.93. Ó fi ẹyọ kan kún un: 4.08. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tó kéré jù ú lọ sí i: 4.02. Kó tó ronú èyí tó máa yọ, 4.03 ti dé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Á bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń ṣe.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Omi inú afẹ́fẹ́ ni sóódà ń mu. Ojú hóró á kọ́kọ́ máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, lẹ́yìn náà á lẹ̀ mọ́ bébà pinpin. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá fi máa wá gbà fún un ní 4.000, omi ti wà nínú 4.000 náà.

Bíkà oníke kékeré ló yẹ kó gbé sórí òṣùwọ̀n, kó dá a padà sí òdo, kó fi ṣíbí oníke bu hóró, kó sì dé ìgò padà lójú ẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò ojú kò ṣe é fojú fò. Bó bá ti bọ́ sáàárín 3.9 sí 4.2, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Omi ló ń ṣáájú: mílílítà 100, èyí tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, kí afẹ́fẹ́ CO₂ má bàa sọ díẹ̀ nínú sóódà náà di kábónéètì. Ẹ da hóró sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Omi náà á gbóná sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 10. Ẹni tó bá da omi lé hóró lórí, tirẹ̀ lè ta sí i lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó fi omi kún un dé àmì lítà kan, torí èyí tó gbóná máa ń fẹ̀. Bó bá tutù tán, á wálẹ̀ kúrò lójú àmì. Ìgò oníke ni kẹ́ ẹ dà á sí. Ìdérí gíláàsì máa ń gan mọ́ ẹnu ìgò.

KHP, ásíìdì oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń yẹ agbára sóódà wò, ló máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Gíráàmù 0.4084 rẹ̀ yẹ kó gba mílílítà 20.00 nínú sóódà 0.1 M kí aró atọ́ka inú rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti oní-4.000 wa gba 20.6, ìyẹn 0.097 M. Ẹnìkejì rẹ̀ tó wọn 4.13 ní ìṣẹ́jú kan gba 19.7, ó kọ 0.1015 sára ìgò, ó ti lọ jẹun.

Bébà ti tọ̀hún ṣì lẹ̀ mọ́ àwo òṣùwọ̀n.