Yọ Bátìrì Kí O Tó Yọ̀

Sátidé tó kọjá ni mo dá ọmọ iṣẹ́ mi kẹsàn-án sílẹ̀. A gbàdúrà, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a ya fọ́tò. Kí ọjọ́ Ajé tó ṣú, àbúrò tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù gba fóònù kan tó bọ́ sínú omi aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan, ohun àkọ́kọ́ tó sì ṣe ni pé ó nawọ́ sí ṣájà. Igbe tí mo ké, àwọn tó ń ta kéèsì níta yọjú wò ó. Ọmọ náà rò pé mo bínú sí òun. Ọwọ́ tèmi ni mo rí níbi tó nawọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú fóònù. Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun márùn-ún ni mo kọ sílẹ̀.

Èkíní, pa á. Bó bá ṣì ń tàn, pa á lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, má tẹ bọ́tìnnì kankan láti wò ó. Ojú fóònù lè dúdú kí inú rẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́, torí pé ibi tí iná ojú rẹ̀ ti ń wá máa ń tètè bàjẹ́. Títẹ̀ tí à ń tẹ̀ ẹ́ ló máa wá pa èyí tó kù.

Èkejì, bọ́ kéèsì, yọ ilé sìímù, nu ara rẹ̀ gbẹ. Dojú ihò ṣájà kọ ilẹ̀, kí o rọra máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí omi ro jáde. Má gbọ̀n ọ́n bí ìgò oògùn o, omi tó wà létí lo ń gbọ̀n wọ àárín yẹn.

Ẹ̀kẹta, jẹ́ kí ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Kò lè fa omi tó há sábẹ́ irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́ọ̀dù. Eruku rẹ̀ ló máa wọ ihò ṣájà, ilé-iṣẹ́ Apple pàápàá sì ti kìlọ̀ fáwọn oníbàárà wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń jẹ àkókò: ọjọ́ mẹ́ta tí fóònù fi sùn nínú ìrẹsì, ọjọ́ mẹ́ta ni bàbà inú rẹ̀ fi ń dógùn-ún. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun náà, bákan náà ni. Atẹ́gùn rẹ̀ á ti omi wọnú sí i, ooru rẹ̀ kò sì dáa fún bátìrì.

Ẹ̀kẹrin, má fi ṣájà sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ èyí.

Lọ́dún 2014, mo ti lo ọdún méjì àtààbọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìkòròdú. Bàbá kan wọlé, ó mú fóònù tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé dání. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ebúté ló yọ́ bọ́ sínú ọ̀sà, ọmọ kan sì yọ ọ́ fún un. Bàbá ti pa á fúnra rẹ̀. Kò tàn án wò, kò ra ìrẹsì, tààrà ló gba ọ̀dọ̀ wa wá. Kò tíì pé ìdajì wákàtí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé oníbàárà kò ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Àwa la pa fóònù náà.

Oṣù kejì ni, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Lásìkò yẹn, omi òkun máa ń wọ ọ̀sà, iyọ̀ á sì pọ̀ nínú rẹ̀. Fóònù náà jẹ́ irú èyí tí èèyàn kò lè fọwọ́ lásán yọ bátìrì rẹ̀. N kò tú u. Mo gbé búlóà, mo fẹ́ ẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ara rẹ̀ fi gbẹ táútáú. Ọ̀gá mi wọlé, ó ní, "Fi ṣájà sí i, ká wò ó bóyá ó ń gbaná." Mo fi sí i. Àwòrán bátìrì yọ, mo pariwo ayọ̀, ọ̀gá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá padà wá. Ó ní fóònù gbóná lápò òun, ó sì kú. Nígbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú u. Ibi tí bátìrì ti so mọ́ bọ́ọ̀dù ti hu nǹkan funfun àti nǹkan àwọ̀ ewé bí èbíbu. Mo yọ bátìrì, mo so bọ́ọ̀dù mọ́ pàwà sọ́pláì ní fóòtì mẹ́rin. N kò tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ rárá tó ti ń fa iná tó ju áḿpíà kan lọ. Bọ́ọ̀dù tó yè kì í fa nǹkan kan, tàbí kó fa bín-ín-tín, kí wọ́n tó tàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù tí a pa kò túmọ̀ sí fóònù tí kò níná. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì so mọ́ ọn, àwọn ojú ọ̀nà kan wà tí iná kì í kúrò níbẹ̀. Omi oníyọ̀ á di afárá láàárín ẹsẹ̀ tó níná àti èyí tí kò níná, bàbà á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣájà sì tún gbé iná mìíràn wọlé. Búlóà tí mo lò gbẹ omi lóòótọ́, àmọ́ ó fi iyọ̀ sílẹ̀, iyọ̀ yẹn sì ń fa ọ̀rinrin padà.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, fóònù kọ́ là ń sọ. Ohùn ìyàwó mi wà nínú Wọ́tsáàpù níbẹ̀. Oṣù Dìsẹ́ḿbà la sin ín." Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé omi ló ba fóònù jẹ́, kì í ṣe àwa. Kò dá owó padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan bọ́ọ̀dù náà níná, ó ń wá ibi tó ti ṣọ́ọ̀tì, títí ṣíìpù tó gbé fáìlì dání fi ṣí kúrò láàyè rẹ̀, tó já ojú ìdè abẹ́ rẹ̀ dànù. Ọ̀gá mi kọ́ mi níṣẹ́, mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Àmọ́ mo mọ̀ pé irọ́ ló pa lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúró síbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí márùn-ún. Fóònù ọjọ́ Ajé ni kó dúró fún èyí tó kù.

Mo kọ́kọ́ bi obìnrin náà: irú omi wo ni, ìgbà wo ló bọ́ sí i, ṣé ẹ ti tàn án, ṣé ẹ ti fi ṣájà sí i? Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú rìsíìtì. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé omi kì í wọ ọ́, IP68 ni. Mo ní omi lásán tó mọ́ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe omi ọṣẹ, gọ́ọ̀mù tó sì dí ojú rẹ̀ ti pẹ́. Mo ṣí i, bátìrì ni mo kọ́kọ́ já kúrò. Mo yọ bọ́ọ̀dù, mo ṣí àwọn irin tó bò ó. Mo fi omi bátìrì mọ́tò ṣan ọṣẹ kúrò (ẹ ka ara ìgò o, ásíìdì kọ́), torí pé ọtí nìkan kì í ṣan iyọ̀ àti ọṣẹ tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọtí àísopúrópíìlì 99% àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́, ní pàtàkì níbi àwọn ìsopọ̀. Mo fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo so ó mọ́ pàwà sọ́pláì. Òdo ni mítà sọ. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó tàn. A kọ́kọ́ kó fọ́tò àti fáìlì rẹ̀ síbòmíràn ná, ká tó dé e padà. Mo sọ fún un pé fóònù tó ti mu omi ọṣẹ kò ní gáráńtì, kó gbé e wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ká tún wo inú rẹ̀. Bátìrì tuntun la fi sí i.

Àbúrò yẹn dúró tì mí, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n fi ṣájà sí i báyìí?"

Mo ní kó fi sí i.