Ẹ Má Kọ Àfikún Owó Oṣù Nítorí Owó Orí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnì kan yóò gbé wá bá yín láìpẹ́. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mú lẹ́tà àfikún owó oṣù rẹ̀ wá, ó ní kí n bá òun dá a padà.

"Wọ́n ti tì mí sí ìpele owó orí tó ga," ló wí. "Owó tí n ó máa mú lọ sílé yóò kéré sí ti tẹ́lẹ̀."

Ó ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tó ti ṣì í. Díẹ̀ ló kù kí n bá a kọ ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye tó rọrùn ṣàlàyé. Ká ní òfin sọ pé 40,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, pé láti ibẹ̀ dé 100,000, wọn yóò mú 10 nínú 100, àti pé ohun tó bá kọjá 100,000, wọn yóò mú 25 nínú 100. Obìnrin náà ń gba 98,000, ó sì ń mú 92,200 lọ sílé. Wọ́n fẹ́ sọ owó rẹ̀ di 104,000. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ 25 nínú 100 kúrò lára gbogbo 104,000 náà, ìyẹn 26,000, ó wá ku 78,000. Bí ìṣirò yẹn bá tọ̀nà, èmi náà ì bá kọ àfikún náà.

Ọ̀gá mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ya àpótí mẹ́ta sórí ìwé. Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wọ ìpele tuntun. Díẹ̀ nínú owó yín ló wọ̀ ọ́."

Ó wá ń da 104,000 náà sínú àpótí wọ̀nyẹn bí ẹni ń da omi: èyí àkọ́kọ́ gba 40,000, ó kún, kò sí owó orí níbẹ̀. Èkejì gba 60,000, òun náà kún, owó orí rẹ̀ jẹ́ 6,000. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹ̀kẹta kò ju 4,000 lọ, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 7,000. Owó tó kù fún un jẹ́ 97,000.

Obìnrin náà fi ìka lé àpótí kẹta. "4,000 yìí nìkan ni wọ́n ń mú 25 nínú 100 lára rẹ̀?"

"Òun nìkan ni, mà."

Tẹ́lẹ̀, owó orí rẹ̀ jẹ́ 5,800. Nínú 6,000 tí wọ́n fi kún un, 2,000 kọ́kọ́ dí àlàfo tó kù nínú àpótí kejì, owó orí rẹ̀ jẹ́ 200. 4,000 yòókù wọ ẹ̀kẹta, ó mú 1,000 wá. 1,200 lọ, 4,800 kù sí i lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú àpótí kìíní àti ìkejì kò mọ̀ pé ẹ̀kẹta wà. Níwọ̀n ìgbà tí ìpele tó ga jù lọ kò bá mú 100 nínú 100, ohun kan gbọ́dọ̀ kù nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá fi kún un.

Ẹ̀rù tó ba obìnrin yẹn ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Owó orí ilé rírà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di oṣù Kejìlá ọdún 2014, kì í pín owó sí àpótí. Iye tí ilé bá jẹ́ ló ń pinnu ìdá kan ṣoṣo tí wọn yóò mú lára gbogbo rẹ̀. Ilé 250,000 pọ́n-ùn san 1 nínú 100, ìyẹn 2,500. Ilé 251,000 san 3 nínú 100 lára gbogbo rẹ̀, ìyẹn 7,530. Níbẹ̀, 1,000 tí ẹni tó rà á fi kún iye ilé kó owó orí tó lé ní 5,000 wá bá a. Wọ́n yí òfin náà padà sí ti alápòótí. Bákan náà, ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n máa ń dá dúró lójijì bí owó ẹni bá ti kọjá iye kan lè mú kí àfikún pa ẹni lára. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ ló lọ níbẹ̀, kì í ṣe ìpele owó orí ló jẹ ẹ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń bi yín.

Obìnrin náà gba àfikún rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún padà wá, ó ní ohun tóun ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀, owó oṣù yìí ti dín. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ló dá a lóhùn. Mo tẹ́ ìwé owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ti àárín ló tóbi jù, nítorí pé wọ́n san àfikún oṣù mẹ́ta tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn. Òun ló fi ń wé ti ìsinsìnyí. Mo mú un kúrò láàárín, mo fi ìwé oṣù tó ṣáájú àfikún àti ti oṣù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti oṣù yẹn fi 400 ju tàtẹ̀yìnwá lọ, 400 lọ́nà 12 sì jẹ́ 4,800 gẹ́lẹ́.