"Rárá" tí mo kọ sí fọ́ọ̀mù oníbàárà

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ta ínṣọ́ránsì mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ fún yín. Ohun tó lé mi dé ìdí ìwé ni fọ́ọ̀mù tí ọ̀kan nínú yín mú wọlé láti Ṣàgámù lọ́jọ́ Ẹtì. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá wọ́n ti yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀, ó kọ "Rárá". Bẹ́ẹ̀ sílíńdà gáàsì sí-ẹ́ń-jí wà nínú búùtù ọkọ̀ náà gbàǹgbà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ohun tí oníbàárà fẹnu sọ fún ẹ ò tíì dé etí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì.

Ẹ̀kọ́ kejì: rímù, sípíkà àti àga aláwọ tí wọn ò bá kọ sínú ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tó máa san owó wọn. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fi ara kọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń bá mi ra ínṣọ́ránsì. Kámírì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ń wà, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà la kọ sí i, ó sì ń san 200,000 náírà lọ́dún, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún tí régbérégbé wọn fẹ́ fi tiwọn hàn ní Ojúde Ọba, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì fí-síìsì tòkunbọ̀, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, sí i. Wọ́n fi ayùn gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè balẹ̀, wọ́n gbé rímù íǹṣì méjìdínlógún sí i, wọ́n to sípíkà sẹ́yìn, wọ́n pààrọ̀ àga. Owó rímù, sípíkà àti àga nìkan jẹ́ mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀gbọ́n yìí ò fi pamọ́ fún mi o. Ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì yẹn gan-an ló pè mí sí láti wá gba owó ọdún tuntun, ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo gbọ́ ọ, mo yìn ín. Mo wá jókòó sórí táyà kan, mo bá a kọ fọ́ọ̀mù, mo sì kọ "Rárá". Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá kọ mílíọ̀nù kan yẹn kún un, 50,000 náírà ni yóò kún owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ sì tún lè fi owó lé e nítorí ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé yóò bá ẹlòmíì lọ. Ó fọwọ́ sí i láì kà á.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, nínú òjò, táyà iwájú bẹ́ lórí títì Ṣàgámù sí Bẹ́nìn, nítòsí Òdògbólú. Ọkọ̀ gba irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀gbọ́n yìí ò ṣèṣe, ọpẹ́ ni. Owó àtúnṣe jẹ́ 1,900,000 náírà.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ rán wá wo ọkọ̀ kò pariwo. Ó fi àkísà nu ẹ́ńjìnnì, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó wo ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà ò bára mu. Ó wá ti ọwọ́ bọ inú ihò táyà kejì tí kò bẹ́, ó ní kí èmi náà fi ọwọ́ kàn án. Etí táyà yẹn ti yún bíi iṣu tí wọ́n rin. Sípíríǹgì tí wọ́n gé ti jẹ́ kí ọkọ̀ balẹ̀ jù, rímù ńlá sì gbé táyà lọ há mọ́ irin, ó ń yún un ní gbogbo kòtò. A ò tún nílò ẹlẹ́rìí kankan: ohun tí a ò sọ gan-an ló fa jàǹbá náà.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ pátá láti san owó náà. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi pé ẹ̀gbọ́n yìí sọ fún mi, èmi sì ni éjẹ́ńtì ilé iṣẹ́. Ó ṣí fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó fi ìka lé ìlà kan tí mo ti ń wò kọjá láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òfin Ínṣọ́ránsì ọdún 2003, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: éjẹ́ńtì tó bá bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó ń kọ ọ́ fún ló ń ṣe éjẹ́ńtì fún. Lójú ìwé yẹn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ "Rárá". Ọ̀gá yìí kan náà ló máa ń sọ fún wa pé ká má fi ìbéèrè lé oníbàárà sá. Mi ò tíì gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n yẹn kì í dá mi lóhùn mọ́ ní títì Fọlágbadé. Mo kí i ní Iléyá tó kọjá, ó wo ọ̀nà mìíràn.

Nísinsìnyí, oníbàárà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn yẹn níwájú mi. Mo máa ń ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá yí nǹkan padà láàárín ọdún, mo ń kọ lẹ́tà, mi ò sì ní sọ fún un pé ó ti parí títí ìwé àfikún yóò fi ti ọ́fíìsì padà wá, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ti bínú lọ nítorí èyí. Kí wọ́n máa lọ.

Ìwọ tó kọ fọ́ọ̀mù Ṣàgámù, mi ò tíì fi ránṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà. Wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí o gbé e padà fún ọkùnrin yẹn, kí o sì bá mi gba ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti so sílíńdà náà bọ̀.