Irúgbìn pupa tó gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé ìwé àjákọ rẹ̀ wá bá mi ní pálọ̀ nílé wa ní Kúbwá. Dìbéètì ni wọ́n fẹ́ ṣe ní kíláàsì wọn, lórí pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ọ̀gáníìkì dára ju iṣẹ́ àgbẹ̀ olóògùn àti fàtílàísà lọ. Apá àwọn tó máa ní bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n fi òun sí. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ ni pé, "Oúnjẹ ọ̀gáníìkì kò ní kẹ́míkà kankan nínú." Mo ní kó fa igi lé e.

Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà ń ṣe é?"

Mo ní nítorí pé mò ń ṣe é ni mo fi ní kó fa igi lé e. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo ní ilẹ̀ hẹ́kítà mẹ́ta lójú ọ̀nà Kéfí, ní ìpínlẹ̀ Násáráwá. Yànmọ̀tí ni mò ń gbìn síbẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní rìdí. Ọ̀gá kan tó ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà sọ fún wa pé tí a bá ní ìwé-ẹ̀rí ọ̀gáníìkì ti Amẹ́ríkà, òun á fi owó lé iye tí òun ń rà á. Àwa àgbẹ̀ mélòó kan kóra jọ, a sì bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan máa wá mú rìdí mi lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n á wò ó bóyá oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fún mi ní ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n lè mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ọ̀pá tó gbé iṣẹ́ náà dúró. Ohun tí ìwé yẹn ń jẹ́rìí sí ni bí o ṣe tọ́jú ilẹ̀ rẹ, ohun tó wọ inú rẹ̀, ohun tó jáde níbẹ̀, àti ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Olùbẹ̀wò máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún, ìwé àkọsílẹ̀ ló sì máa ń bèèrè kó tó wo oko.

Ìlànà Amẹ́ríkà sọ pé oṣù 36 gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn títí di ọjọ́ ìkórè. Oṣù keje ọdún 2019 ni mo fín oògùn apakoríko kẹ́yìn, mo sì ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìkórè oṣù kọkànlá ọdún 2022 bọ́ sí i dáadáa. Ti Yúróòpù yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, fún irè ọdọọdún bíi rìdí, ọdún méjì ni wọ́n ń kà kí o tó gbìn ín, ọjọ́ tí o sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ olùbẹ̀wò ni kíkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò ìdúró yìí, ò ń ṣe gbogbo wàhálà ọ̀gáníìkì, àmọ́ ọjà lásán ni ò ń tà á. Ẹni tó bá wà lápá kejì nínú dìbéètì yìí, ibí yìí ni kó ti gbá wọn mú.

Báyìí ni mo ṣe rìn ín títí di oṣù keje ọdún 2022. Irúgbìn tí a tọ́jú láti ìkórè tẹ́lẹ̀ kò tó. Mo wà ní Àbújá nígbà tí ẹni tó ń bá mi mójú tó oko pè mí pé òjò ti gún régé, hẹ́kítà kan ṣì kù tí wọn ò tíì gbìn. Mo fi owó ránṣẹ́. Ó lọ ra kílò mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Mo gbàdúrà fún un lórí fóònù pé ó káre.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, olùbẹ̀wò dé. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ọkàn mi sì balẹ̀ pé ọmọ wa ni. Ó rin oko yí ká. Ó wo ibi tí oko mi ti pààlà pẹ̀lú àgbàdo ẹni tó ń fín oògùn, ó ní kí n fi àwọn poro tó wà létí ibẹ̀ sílẹ̀, kí n kórè wọn lọ́tọ̀, kí n má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ọjà ọ̀gáníìkì. Mo gbà. Lẹ́yìn náà ló wọ ahéré tí a ń kó irinṣẹ́ sí. Ó gbé ọ̀rá kékeré kan láti abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó nà án sí mi. Ìka náà pọ́n bí ẹni tó fọwọ́ kan osùn.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fi èyí ṣe?"

Mo ní irúgbìn ló wà nínú rẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi. Àwọ̀ pupa yẹn kì í ṣe àwọ̀ rìdí. Àwọn tó ń ta irúgbìn ti fi oògùn apakòkòrò àti oògùn tó ń pa èbu yí i lára kí ó má bàa jẹrà nínú ilẹ̀, wọ́n sì pa á láró kí ènìyàn má bàa ṣèèṣì jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gáníìkì kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú rẹ̀, irúgbìn rẹ̀ á tilẹ̀ hù dáadáa. Ní ti ọ̀gáníìkì, tí ènìyàn bá wá irúgbìn ọ̀gáníìkì tì, tó sì lè fi hàn pé òun wá a, wọ́n gbà kó lo irúgbìn lásán, bí ẹnikẹ́ni ò bá ti fi oògùn kàn án. Olóògùn yìí ni wọn ò gbà. Gbígbìn tí mo gbìn ín, oògùn ni mo fi sí ilẹ̀.

Ẹ ò lè rí i nínú rìdí tí mo máa kórè. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìwọ̀nba oògùn tó wà lára kóró kékeré bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lábẹ́ òjò àti oòrùn, ilé àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan. Àmọ́ kíkà hẹ́kítà yẹn padà sí oṣù keje ọdún 2022. Ìkórè tó bá ṣáájú oṣù keje ọdún 2025 kò lè jẹ́ ọ̀gáníìkì mọ́. Hẹ́kítà méjì yòókù gba ìwé, àmọ́ mo ní láti fi okùn pààlà sáàárín wọn àti hẹ́kítà kẹta yẹn, kí n kórè wọn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀, kí n kó wọn sínú àpò tó ní àmì ọ̀tọ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú aṣọ funfun ni mo ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ọmọ mi béèrè ohun tó máa ń dá ẹni tó bá fẹ́ parọ́ dúró. Ìbéèrè gidi ni. Nínú ẹgbẹ́ wa, a yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tó máa ń lọ wo oko kí ìkórè tó dé. Ẹnì kan ní hẹ́kítà méjì. Wọ́n wo rìdí rẹ̀ lórí ìdúró, wọ́n ní hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan á fún un ní nǹkan bíi 450 kílò, ìyẹn 900 kílò lápapọ̀, àpò oní-100-kílò mẹ́sàn-án. Nígbà tó gbé ọjà wá, àpò 14 ni. Inú àwa tó kù dùn fún un, a rò pé Ọlọ́run ló bù kún un. Olùbẹ̀wò kò bá wa dúpẹ́. Ó ṣí ìwé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí àpò márùn-ún ti wá." Ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ni. Gbogbo àpò 14 náà la tà bí ọjà lásán, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ fún sáà kan. Ìṣirò lásán ló mú un. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ní kí á tọ́jú ìwé fún ọdún márùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo sọ fún ọmọ mi pé kó má fi "àdánidá" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀gáníìkì náà ń fín oògùn. Èso dóńgóyárò tí a gún tí a rẹ sínú omi la fi ń lé kòkòrò, àwọn oògùn tó ní kọ́pà nínú náà wà tí ìlànà gbà láàyè. Lódìkejì, ewé tábà jẹ́ ohun àdánidá, àwọn àgbà oko máa ń rẹ ẹ́ fín sára irè, àmọ́ Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ nínú ọ̀gáníìkì. Ohun tó wà nínú ìwé ìlànà ni wọ́n ń wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àgbẹ̀ olóògùn kò ní òfin. Lọ́dún 2015, Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn dìkílófọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹ̀wà náà kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀gáníìkì rí. Òfin tó mú un ni èyí tó sọ bí ìyókù oògùn nínú oúnjẹ èyíkéyìí ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ìyẹn ń wo ohun tó wà nínú àpò, ọ̀gáníìkì ń wo bí àpò náà ṣe kún.

Ọ̀rọ̀ iye tí à ń kórè kò gùn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012, tó kó àfiwé púpọ̀ jọ, rí i pé ìkórè ọ̀gáníìkì fi ìdá 5 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti olóògùn, gẹ́gẹ́ bí irú irè àti ilẹ̀ bá ṣe rí. Tèmi náà kéré. Owó tí wọ́n fi lé e ló bò ó, lórí hẹ́kítà méjì.

Ó fa igi lé gbólóhùn náà. Ohun tó kọ dípò rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gáníìkì ni èyí tí ẹnìkan lè bi ọ́ léèrè gbogbo ohun tó wọ ilẹ̀ rẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wàá sì lè dá a lóhùn." Ó wá béèrè ọ̀rá pupa náà lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ mú un lọ síwájú kíláàsì. Mo ní kó má ṣe fi ọwọ́ lásán dì í mú.