Èènì ni mo fi rọ́pò ẹ̀dínwó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ títí ìtajà àdìrẹ wa fi pé ọdún márùn-ún

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ọjà sórí Instagram àti WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá yín sọ. Òun ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ sábẹ́ àwòrán ní ọjọ́ tí ìtajà wa bá pé ọdún, tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, tí a sì fi ń kéde ẹ̀bùn kékeré fún àwọn tó ti padà wá rà. Ó jọ ohun tí èèyàn lè kọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe kọ ọ́ ní ọdún 2022, nígbà tí ìtajà àdìrẹ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dá sílẹ̀ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi tún ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún náà bàjẹ́ ṣe.

Ohun tí mo kọ nìyí: “A pé ọdún mẹ́ta lónìí! A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì. Ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wà fún ẹ̀yin tí ẹ dúró tì wá.” Ẹ tún un kà dáadáa. N kò sọ ẹni tí ó dúró tì wá, n kò sọ ọjọ́ tí ẹ̀dínwó náà yóò parí, n kò sì sọ irú aṣọ tí ó kàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn tí kò rajà lọ́wọ́ wa rí ti ń bèèrè ẹ̀dínwó, wọ́n ní àwọn ti ń wo àwòrán wa láti ọdún kìíní, ṣé kì í ṣe pé àwọn dúró tì wá nìyẹn? N kò rí èsì fún wọn. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n yọ ẹ̀dínwó fún òun. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìyá kan tí ó ti rà lọ́wọ́ wa nígbà mẹ́fà, tí ó sanwó aṣọ méjì ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkéde náà láì gba ẹ̀dínwó kankan. Kò bínú sí mi lójú, ó kàn kọ ọ́ pé, “Ọmọ mi, ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ọjà rí, ẹ mọ ohun tí “ó dáa bẹ́ẹ̀” túmọ̀ sí.

Nígbà tí mo jókòó ti ìwé ìṣirò, mo rí i pé àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó èyí tó wà nínú ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi iye owó tí a ń lò ní ọdún 2024 ṣe é kí ó lè yé yín. Yáàdì márùn-ún àdìrẹ alábẹ́là wa jẹ́ 18,000 náírà. Aṣọ funfun tí a fi ṣe é gba 9,000, aró, àbẹ́là àti sódà gba 2,000, owó ọ̀yà gba 2,000, náílọ́ọ̀nù àti lébẹ́ẹ̀lì gba 500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13,500, èrè tí ó kù sì jẹ́ 4,500. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún 18,000 jẹ́ 1,800. Létí oníbàárà, ìdá mẹ́wàá ni mo yọ fún un. Nínú àpò mi, nínú 4,500 ni 1,800 náà ti jáde, ìyẹn ni pé nínú èrè márùn-ún, méjì ti lọ. Láti ara iye tí a ń tà á ni a ti ń ka ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n èrè ni ó ń jẹ. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí kò tíì mọ ohun tí ó ń kéde.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó rántí ohun tí ìyá wa, tí ó ta gàrí títí ó fi darúgbó, máa ń ṣe. Kì í dín owó fún ẹni tí ó padà wá rà. Iye tí àwọn tó kù lọ́jà ń ta kóńgò ni òun náà ń tà á, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ̀n ọ́n tán, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Oníbàárà kì í bá èènì jà, kì í sì í fi èènì ọjọ́ yìí sọ fún ẹ lọ́la pé iye tí ó yẹ kí o máa tà á nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí o bá dín owó fún lẹ́ẹ̀kan, iye tí o dín in sí ni yóò máa rántí. Nítorí náà, nígbà tí ọdún karùn-ún ń bọ̀, a kó àjákù aṣọ tó ti ń kún àpò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, a gbé e fún aránṣọ, ó sì fi rán pọ́ọ̀sì kékeré tí ó gba fóònù àti owó díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 600 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, síìpù 200, aṣọ inú rẹ̀ 100. Àpapọ̀ 900 náírà ni, ìdajì ohun tí ẹ̀dínwó ìbá jẹ, a sì ń ta irú rẹ̀ ní 2,500 nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku ta ni a ó fún. “Oníbàárà tó padà wá” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn rò pé òun mọ ìtumọ̀ rẹ̀, títí ẹ ó fi ṣí ìwé. A pinnu pé ẹni tí ó bá ti sanwó ọjà lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan ni. Ẹni tí ó ra aṣọ mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀; a mọyì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì padà wá. Orúkọ ni mo kọ́kọ́ fi ń wá wọn nínú ìwé, ó sì dà mí láàmú gidigidi: orúkọ tó wà lórí àlẹ́ẹ̀tì báǹkì lè jẹ́ ti ọkọ, ti WhatsApp jẹ́ “Ìyá Ìbejì”, ti ẹni tí a fi ọjà ránṣẹ́ sí ní páàkì sì tún jẹ́ ti àbúrò. Nọ́mbà fóònù ni ó yanjú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, nọ́mbà ni a ń kọ ṣáájú nínú ìwé wa, kí orúkọ tó tẹ̀lé e, kí ọjọ́ àti iye owó tó tẹ̀lé orúkọ. Ènìyàn 61 ni a rí. Mo ní kí aránṣọ rán pọ́ọ̀sì 61, a sì san 54,900 náírà kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan jáde. Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n rán ogójì, kí n sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá tètè dé ni yóò rí gbà. N kò gbà. Bí o bá ti pe ẹnì kan ní ẹni tìrẹ, o kò lè tún ní kí ó sáré bá ẹlòmíràn du ohun tí o ṣèlérí fún un.

Ohun tí mo wá kọ nìyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024:

“Ẹ̀yin tí ẹ ti ra àdìrẹ lọ́wọ́ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún yìí, ẹ wá gba èènì yín. Ọdún márùn-ún pé lónìí tí a ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, tí a sì ní láti fi owó lé aṣọ, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, ẹ gbọ́ àlàyé wa, ẹ sì tún rà. Nígbà tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ẹ ní sùúrù fún wa. A dúpẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti sanwó ọjà lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023 títí di àná, yóò gba pọ́ọ̀sì àdìrẹ kan mọ́ ọjà tí ó bá rà ní oṣù yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ yáàdì méjì péré. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó wò ó nínú ìwé. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ni yóò parí.”

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí Instagram bá gbé ọ̀rọ̀ yín sábẹ́ àwòrán, nǹkan bí àmì 125 àkọ́kọ́ ni ó ń fi hàn kí ó tó gé e, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kà á tán ni yóò tẹ “more”. Bí ẹ bá fi “Inú wa dùn láti kéde pé” bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ yín nìkan ni wọn yóò rí. Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ ọ́ tún ní láti ṣọ́ra jù, nítorí pé lẹ́tà bíi ẹ̀ tó ní àmì lókè àti ìsàlẹ̀ lè wọlé gẹ́gẹ́ bí àmì méjì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ó kúrú lè gùn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ní ti ìdúpẹ́, ohun tí wọ́n ṣe ni mo kọ, n kò kọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. “Oníbàárà pàtàkì” kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì retí aṣọ nínú òjò oṣù keje mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni mo ń bá wí. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé iye ìgbà tí obìnrin kan ra aṣọ lè jẹ́ ohun tí kò sọ nínú ilé.

Ìkéde ìta gbangba nìkan kò tó. Mo fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí gbogbo wọn lórí WhatsApp, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kò rí i, nítorí pé ẹni tí ó bá ti fi nọ́mbà rẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni irú ìfiránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó kọ “ó dáa bẹ́ẹ̀” sí mi ní ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ kọ sí. Yáàdì méjì ni ó rà. Ó gba pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ènìyàn 47 ni ó wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ẹnì kan tún dé tí ó ti bèèrè aṣọ ní ọjọ́ 28, tí tíráńsífà rẹ̀ há títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ti kọjá. Mo ṣí WhatsApp, mo fi ọjọ́ tó bèèrè ọjà hàn án, a sì fi pọ́ọ̀sì kan sínú ẹrù rẹ̀. Nínú ti ọdún tó ń bọ̀, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá bèèrè ọjà ni a ó kà, kì í ṣe ọjọ́ tí owó bá wọlé.