Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ìdánwò ọmọ tí kò lè wá sí gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ àbójútó ìdánwò, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí fún yín kí wọ́n tó rán yín níṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Wọ́n á kàn gbé àpò ìwé ìbéèrè tí wọ́n lẹ̀ pa lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ kan wà lórí àdìmíṣọ̀n ní ọsibítù, ẹ lọ ṣe ìdánwò fún un níbẹ̀, ó parí. Èmi náà rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, ẹni kan ṣoṣo ṣáà ni, ta ló fẹ́ wo ìwé ta? Hmm.

Ọmọ tí mo kọ́kọ́ lọ bá, egungun itan rẹ̀ ló kán, wọ́n fi okùn àti ohun tó wúwo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè jinná gún régé, nítorí náà kò lè dìde, kò sì lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, àmọ́ orí rẹ̀ pé pérépéré. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ mi, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ò ju pé ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ wa látọjọ́ báyìí. Ìwé yẹn ò wúlò fún mi rárá! Pé ẹnì kan wà ní ọsibítù kò sọ bóyá ó lè ṣe ìdánwò. Ohun tó yẹ kí ẹ ní kí dókítà kọ ni pé ara ọmọ náà gbà á láti fi wákàtí méjì àbọ̀ kọ̀wé, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé dá ṣáká, kí wọ́n sì sọ oògùn tó lè máa kùn ún lóorun àti aago tí wọ́n ń fún un. Tí dókítà bá ní rárá, ẹ má bẹ̀ wọ́n o, ẹ padà lọ bá àjọ ìdánwò kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó kàn fún ẹni tí ò lè ṣe é, torí ìyẹn ní fóọ̀mù tiẹ̀.

Mo dé wọ́ọ̀dù, mo ya àpò ìwé níwájú nọ́ọ̀sì àgbà kí wọ́n lè jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i, bí mo ṣe ní kí ọmọ mú péènì báyìí, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ̀wé gan-an ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ dírípù sí. Àwa ò lè fọwọ́ kan nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Àwọn nọ́ọ̀sì ló bá wa yọ ọ́ tí wọ́n gún un sí ọwọ́ òsì, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ fi parí, aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ aago mẹ́sàn-án gééré làwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ti bẹ̀rẹ̀. Látìgbà yẹn, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Nǹkan tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ: mi ò fi ọmọ náà sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí tó fi bẹ̀rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tí ẹni tí ò sí ní gbọ̀ngàn bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà táwọn yòókù ti rí ìbéèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè fi í ránṣẹ́ sí i. Ìyá rẹ̀ fẹ́ jókòó tì í, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mọ̀mí, ẹ bá wa dúró níta. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì wá ni wàhálà gidi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá ń pe ìdáhùn sókè ketekete bí ẹni ń kọrin, kò dákẹ́ àfìgbà tí wọ́n fa kọ́tìnnì tí mo sì bẹ̀ wọ́n gan-an. Tí yàrá kékeré kan bá wà, ẹ tètè tọrọ ẹ̀.

Péènì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Ọmọ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń kọ̀wé sókè, ìsàlẹ̀ ni yíǹkì ń ṣàn sí, kì í dé ẹnu péènì mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀, ìwọ̀n tí okùn ẹsẹ̀ yẹn gbà, a fi pátákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ìwé, ó sì ń kọ.

Ibi tí mo ti jìyà jù wá ni aago. Ìdánwò wákàtí méjì àbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 9:20, ó yẹ kó parí ní 11:50. Àwọn dókítà wá yẹ àwọn aláìsàn wò ní 10:05, wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 10:17. Wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ ìrora ní 11:00, ó gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Méjìlá àti mẹ́jọ jẹ́ ogún, nítorí náà 12:10 ni mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Àmọ́ orí ni mo fi ṣe é, mo kàn kọ 9:20 àti 12:10 sínú ìròyìn mi, àjọ ìdánwò sì dá ìwé rẹ̀ dúró torí lójú wọn, ẹnì kan ti fún ọmọ yìí ní ogún ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kọ̀wé jẹ́rìí kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àfikún àkókò. Àfikún àkókò, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbàṣẹ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìdánwò. Kí a dá aago dúró yàtọ̀, kò fún ọmọ ní ìṣẹ́jú kan lé, ó kàn ń dá èyí tó ṣòfò padà fún un ni, ẹ sì bi àjọ yín tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n gbà á. Tí aago bá ti dúró, ìwé ìbéèrè àti ìwé ìdáhùn méjèèjì á kúrò níwájú rẹ̀ wá sọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní jìnnà. Tí dókítà bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀kọ̀, ẹ dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ohùn, ìwé á wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ aago tó dúró, ẹ kọ aago tó tún bẹ̀rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti ẹni tó ń ṣe ìdánwò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, aago náà ni wàhálà ibẹ̀, àmọ́ ọ̀tọ̀ lẹni tó ń dá a dúró. Wọ́n á ka ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ ò sì lè ní kí wọ́n dúró dè yín, nítorí náà ẹ béèrè aago kíkà yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ọjọ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo nǹkan tí ẹ ń mú wọlé ránṣẹ́ ṣáájú, títí dórí kọ́ńpáàsì ìṣirò torí ẹnu rẹ̀ mú, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì, kí ọmọ jókòó láìní nǹkan yíya àyíká. Èyí tó sì burú jù ni pé kí ẹ débẹ̀ kí wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà míì lánàá, tàbí ó wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ẹ fún ọ̀gá ọgbà ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ ní kíkọ, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé e kúrò títí ìwé tó kẹ́yìn.

Ti ẹni tó wà nílé ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí ṣe alábòójútó, ẹ má sì dá lọ, ẹ jẹ́ méjì, torí tí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ yàgbẹ́ nínú ilé yẹn, ta ló wà pẹ̀lú ìwé?